Orí Karùn-ún: Ìdàgẹ̀rẹ̀ Ojú Kan

Ẹni tó bá ti gun òkè rí mọ̀ pé òkè kì í le bákan náà láti ìdí dé orí. Ibì kan wà tí ẹsẹ̀ ń gbé fúyẹ́, ibì kan sì wà tí itan ń ro èèyàn, tí a ní láti tẹ̀ síwájú kí a má baà yí gbiri padà sísàlẹ̀. Bí a bá dá ẹni náà dúró ní agbedeméjì òkè, tí a bi í pé, "Níbi tí o dúró sí gan-an yìí, báwo ni òkè ṣe le tó?", ìbéèrè náà yé e, yóò sì rí nǹkan sọ: "Ó ṣì le díẹ̀", tàbí "Kò le mọ́ bíi ti ìsàlẹ̀." Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú orí yìí ni láti fi iye dá ìbéèrè yẹn lóhùn. Iye náà ni a ó máa pè ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ojú kan.

Ojú kan yẹn ló mú ọ̀rọ̀ náà le. Bí a bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ṣe dàgẹ̀rẹ̀ tó, ojú méjì la máa ń lò: a ó wo bí èkejì ṣe fi ga ju èkíní lọ, a ó wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó, a ó wá fi ìjìnnà pín ìgòkè. Ní ojú kan ṣoṣo, kò sí ìgòkè, kò sí ìjìnnà, kò sí ohun tí a ó pín. Síbẹ̀ ẹni tó dúró níbẹ̀ mọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ pé òkè náà le. Báwo la ṣe máa rí iye náà?

Òkè tí a ó lò

Òkè kan ṣoṣo ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Orí ìwé la ti yà á, a sì mọ̀ọ́mọ̀ yan iye tí kò ní fún wa ní wàhálà. Òfin rẹ̀ nìyí:

y = 0.4x − 0.001x²

Nínú òfin yìí, y ni gíga ibi tí a dúró sí, tí a fi mítà wọ̀n láti ìdí òkè. x ni ìrìn pẹrẹsẹ, mítà lòun náà. Ẹ jẹ́ ká fi ara balẹ̀ lórí ìrìn pẹrẹsẹ yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Kì í ṣe gígùn ọ̀nà tí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lórí òkè. Bí ó bá ṣeé ṣe kí a gbẹ́ ihò tààrà láti abẹ́ ẹsẹ̀ wa wọ inú òkè lọ, títí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí òkè, ìjìnnà láti ìdí òkè dé ìsàlẹ̀ ihò yẹn ni x. Jíjìn ihò náà ni y.

Ẹ fi iye díẹ̀ sínú òfin náà kí ẹ lè rí bí òkè ṣe rí. Bí x bá jẹ́ 100, y yóò jẹ́ 40 − 10, ìyẹn mítà 30. Bí x bá jẹ́ 200, y jẹ́ 80 − 40, ìyẹn mítà 40. Ní 300, a ti padà sí mítà 30. Ní 400, a ti dé ilẹ̀ ní òdìkejì. Òkè kékeré ni, tó ń gùn láti apá òsì, tó sì ń rọ̀ sí apá ọ̀tún.

Láti ojú méjì sí ojú kan

Ẹ jẹ́ ká dúró níbi tí x ti jẹ́ 100. Mítà 30 ni a wà lókè. A fẹ́ mọ bí òkè ṣe le tó níbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa wá síni lọ́kàn ni pé kí a wo orí òkè, kí a sì fi ibi tí a wà wé e. Orí òkè wà ní 200, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 40. Mítà 10 la máa gòkè, mítà 100 la máa rìn ní pẹrẹsẹ. 10 tí a fi 100 pín jẹ́ 0.1, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 10 la ń gùn fún mítà kọ̀ọ̀kan. Iye yìí tọ́ fún gbogbo ọ̀nà náà lápapọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́ nípa ibi tí ẹsẹ̀ wa wà. Nítòsí orí, òkè ti tẹ́, títẹ́ yẹn ló sì fa iye náà wálẹ̀. Ẹni tó dúró ní 100 ń gun ohun tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà a ó mú ojú kejì sún mọ́ wa. Bí ó bá wà ní 150, gíga ibẹ̀ jẹ́ 37.5. A gùn ní 7.5 nínú mítà 50, ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 0.15. Bí ó bá wà ní 120, gíga jẹ́ 33.6, ìdàgẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ 3.6 tí a fi 20 pín, ìyẹn 0.18. Bí ó bá wà ní 110, gíga jẹ́ 31.9, ìdàgẹ̀rẹ̀ di 0.19. Ní 101, ó di 0.199. Ní 100.1, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ sí ẹsẹ̀ wa, ó di 0.1999.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé iwájú nìkan la ti ń rí i. Láti 90 dé 100, a gùn láti 27.9 dé 30, ìdàgẹ̀rẹ̀ jẹ́ 0.21. Láti 99 dé 100, ó jẹ́ 0.201. Láti iwájú, iye náà ń gòkè bọ̀; láti ẹ̀yìn, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ibì kan náà ni àwọn méjèèjì forí lé, ibẹ̀ sì ni 0.2. Iye tí wọ́n ń sún mọ́ yìí ni a ń pè ní iye àsúnmọ́. Òun ni ìdàgẹ̀rẹ̀ òkè náà ní ojú 100: sẹ̀ǹtímítà 20 fún mítà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ìṣirò wa tó fún wa ní 0.2 gan-an. 0.19 la rí, a rí 0.199, a rí 0.1999. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń rò pé nǹkan kan ṣì kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, pé ìfojúdá ni 0.2. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfojúdá ni àwọn iye tí a ṣírò, 0.2 ni òótọ́ tí wọ́n ń fojú dá.

Ìdí tí a kò fi lè fi òdo pín

Ẹ jẹ́ ká ṣe é lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ojú òkè, kí a má baà máa ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan. A dúró ní x. Ojú kejì jìnnà sí wa ní h. Gíga ibẹ̀ jẹ́:

0.4(x + h) − 0.001(x + h)²

A tú u palẹ̀, a yọ gíga ibi tí a wà kúrò nínú rẹ̀, ohun tó kù ni ìgòkè wa:

0.4h − 0.002xh − 0.001h²

Gbogbo ẹ̀ka mẹ́ta yìí ló ní h nínú. A wá fi h pín in:

0.4 − 0.002x − 0.001h

Èyí ni ìdàgẹ̀rẹ̀ láàárín ojú méjèèjì. Ẹ fi 100 sí ipò x, ẹ ó rí 0.2 − 0.001h, èyí tó ṣàlàyé gbogbo iye tí a ti rí lókè: bí h bá jẹ́ 10, a ó rí 0.19, bí h bá jẹ́ −10, ìyẹn nígbà tí a bá wo ẹ̀yìn, a ó rí 0.21. Bí h ṣe ń kéré sí i, ẹ̀ka tó gbẹ̀yìn ń yòrò, ohun tí ìyókù ń sún mọ́ sì ni:

0.4 − 0.002x

Èyí ni òfin ìdàgẹ̀rẹ̀ òkè wa. Wọ́n máa ń fi àmì dy/dx kọ ọ́, àmì tí a jogún láti ọwọ́ Leibniz, ará Jẹ́mánì, tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ yìí jáde ní 1684.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò béèrè pé kí ló dé tí a kò kúkú fi òdo sí ipò h látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dán an wò. Ìgòkè yóò di òdo, ìjìnnà yóò di òdo, a ó sì kù sórí òdo tí a fẹ́ fi òdo pín. Ìyẹn kò ní ìtumọ̀, nítorí iyekíye tí a bá fi òdo sọ di púpọ̀, òdo náà ni yóò jẹ́. Kò sí ọ̀nà láti mọ èyí tí a ń wá. A ní láti kọ́kọ́ fi h pín nígbà tí kò tíì di òdo, kí a tó wo ibi tí ohun tó kù forí lé.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ rí. Ní 1734, George Berkeley, bíṣọ́ọ̀bù ará Áyálándì, tẹ ìwé kan jáde tó fi ta ko àwọn onímọ̀ ìṣirò ìgbà náà. Ó ní wọ́n kọ́kọ́ ń sọ pé h kì í ṣe òdo kí wọ́n lè rí i fi pín, nígbà tí wọ́n bá pín tán wọ́n á ní òdo ni, kí wọ́n lè rí i sọ nù. Lójú tèmi, ẹjọ́ rẹ̀ tọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé ọ̀ràn náà nígbà yẹn. Ẹ̀yìn èyí, nígbà tí Cauchy, ará Faransé, tẹ ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jáde ní 1821, ni iye àsúnmọ́ wá di ìpìlẹ̀ tí wọ́n mọ ẹ̀kọ́ yìí lé.

Ìdáhùn náà ni pé a kò sọ nígbà kankan pé h di òdo. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni dárúkọ bó ṣe fẹ́ kí iye wa sún mọ́ 0.2 tó, a ó sọ fún un bí h ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ kí ìyàtọ̀ ju 0.0001 lọ, a ó ní kó mú h tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 10. Bí ó bá ní 0.000001, a ó ní kó mú h tí kò tó mìlímítà kan. Kò sí bó ṣe lè le mọ́ wa tó tí a kò ní rí ìdáhùn. Bí ẹlòmíràn bá sì ní 0.199 ni ìdàgẹ̀rẹ̀ náà, a ó fi hàn án pé bí h bá ti kéré ju mítà kan lọ, iye wa á ti kọjá 0.199, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. 0.2 nìkan ló lè yege nínú ìdánwò yìí.

Ohun tí òfin ìdàgẹ̀rẹ̀ ń sọ

Ní ìdí òkè, níbi tí x ti jẹ́ òdo, ìdàgẹ̀rẹ̀ jẹ́ 0.4. Ní 100 ó jẹ́ 0.2, ní 200 ó di òdo, ní 300 ó di −0.2. Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú −0.2 ń sọ fún wa pé a ti ń sọ̀ kalẹ̀: fún mítà kọ̀ọ̀kan tí a bá rìn síwájú, sẹ̀ǹtímítà 20 la ń pàdánù.

Ẹ má ṣe da gíga pọ̀ mọ́ ìdàgẹ̀rẹ̀. Ìdí òkè ni òkè wa ti le jù fún ẹni tó ń gùn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù. Orí òkè ló ga jù, bẹ́ẹ̀ ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ju òdo lọ. Ojú 100 àti ojú 300 ga bákan náà, ní mítà 30, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní èkíní ń mí hẹlẹhẹlẹ lọ sókè, ẹni tó wà ní èkejì ń dá ara rẹ̀ dúró kí eré má baà gbé e.

Bí ìdàgẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ òdo, ẹ má ṣe yára sọ pé orí òkè la dé. Ìsàlẹ̀ àfonífojì náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn òkè mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ á tẹ́ díẹ̀ lágbedeméjì, kó tó tún máa gùn lọ. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí a bá ń gùn kí a tó débẹ̀, tí a sì ń sọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, orí òkè ni. Bí ó bá jẹ́ pé gígùn la ń gùn ṣáájú, tí gígùn náà la tún ń gùn lẹ́yìn rẹ̀, ibi ìsinmi lásán ni.

Bí a bá gbé e lọ sórí ilẹ̀

Òkè gidi kò ní òfin tí a kọ sára rẹ̀. A ní láti wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà kan wà tí àwọn bíríkìlà ń lò tí akẹ́kọ̀ọ́ náà lè lò: rọ́bà gígùn tó mọ́ gaara, tí a rọ omi sí. Omi inú rẹ̀ máa ń dọ́gba ní ẹnu méjèèjì, bó ti wù kí ilẹ̀ àárín wọn rí.

Ẹ kan èèkàn sí ojú 100 àti ojú 110. Ẹ gbé ọ̀pá kan nàró níbi èèkàn kọ̀ọ̀kan, ẹ na rọ́bà láti ọ̀pá kan dé èkejì, ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dúró sí lára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọn láti àmì dé ilẹ̀. Lórí òkè wa, bí ọ̀pá ìsàlẹ̀ bá fún yín ní mítà 2.40, ti òkè yóò fún yín ní 0.50. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkíní: 1.90 ni ìgòkè. Ẹ fi 10 pín in, ẹ ti rí 0.19.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ẹnu rọ́bà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ wo omi. Bí wọn kò bá dọ́gba, afẹ́fẹ́ ti há sínú rọ́bà, irọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ bá wọ̀n yóò sì jẹ́. Ẹ gbé e sókè kí ẹ máa ta á níka títí afẹ́fẹ́ náà yóò fi jáde.

Ẹ má ṣe tẹ́ tépù sórí ilẹ̀ dídàgẹ̀rẹ̀ láti wọn mítà 10 yẹn. Ẹ fà á le ní pẹrẹsẹ, ní mítà méjì-méjì kó má baà sọ̀ láàárín, kí ẹ sì fi okùn tí a so òkúta mọ́ nídìí mọ ibi tó kan nílẹ̀. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ níbi tí ìdàgẹ̀rẹ̀ ti jẹ́ 0.2 yóò rí 0.196, àṣìṣe kékeré. Níbi tí òkè bá le tó 1, ó máa rí 0.71 dípò 1, ìyẹn kì í sì í ṣe kékeré mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó yàtọ̀ jù láàárín ìwé àti ilẹ̀. Lórí ìwé, bí h bá ṣe kéré tó ni iye wa ṣe dára tó. Lórí ilẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní ọwọ́ yín lè ṣì ní sẹ̀ǹtímítà kan níbi àmì kọ̀ọ̀kan. Ìgòkè tí ẹ rí lè fi sẹ̀ǹtímítà 2 yàtọ̀ sí òótọ́. Nínú mítà 10, ìyẹn kò ju 0.002 lọ nínú ìdàgẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi èèkàn méjèèjì sí sẹ̀ǹtímítà 10 síra wọn, ìgòkè gan-an kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, àṣìṣe yín sì tó ìgòkè fúnra rẹ̀. Ẹ lè rí òdo, ẹ lè rí 0.4, kò sì sí èyí tó sọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí h tóbi díẹ̀, kí ẹ sì wọn iwájú àti ẹ̀yìn lọ́gbọọgba. Láti 90 dé 110, ìgòkè jẹ́ 31.9 − 27.9, ìyẹn mítà 4 nínú 20, a sì rí 0.2 láìyẹ̀. Ohun tí iwájú dín kù ni ẹ̀yìn fi kún un. Lórí òkè tí òfin rẹ̀ bá le ju tiwa lọ, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣe wẹ́kú, ṣùgbọ́n ó máa ń sàn ju kí a wo apá kan ṣoṣo lọ.

Ibi tí ìdàgẹ̀rẹ̀ ojú kan kò sí

Ní góńgó òrùlé ilé tó ní apá méjì, bí a bá wo ẹ̀yìn, ìdàgẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ 0.5; bí a bá wo iwájú, ó jẹ́ −0.5. Bó ti wù kí h kéré tó, àwọn méjèèjì kò ní forí lé ibì kan náà. Ní irú ojú bẹ́ẹ̀, kò sí ìdàgẹ̀rẹ̀ ojú kan. Ẹ má ṣe pín wọn dọ́gba kí ẹ ní òdo ni.

Àtẹ̀gùn ló ṣòro jù láti gbà gbọ́. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gbà gun Òkè Ìdànrè lé ní 600. Ká ní àtẹ̀gùn kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó sì ga ní 15. Ẹ dúró sí àárín rẹ̀, ẹ mú h tó kéré débi tí kò ní kọjá etí rẹ̀: ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ìdàgẹ̀rẹ̀ jẹ́ òdo. Bẹ́ẹ̀ ló rí lórí gbogbo àtẹ̀gùn, àyàfi ní etí wọn, níbi tí kò ti sí ìdàgẹ̀rẹ̀ rárá. Síbẹ̀ ẹni tó gùn ún ti dé orí òkè. Gbogbo gígùn náà wà ní etí, ní àwọn ojú tí òfin wa kò lè sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà náà ṣe le tó fún ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ mú h tó gba odidi àtẹ̀gùn, yóò sì rí 0.5.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Òfin òkè kan ni y = 0.3x − 0.0005x². Ẹ wá ìdàgẹ̀rẹ̀ láàárín 100 àti 110, lẹ́yìn náà láàárín 100 àti 101. Ẹ tú òfin náà palẹ̀ pẹ̀lú h, kí ẹ rí òfin ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì sọ ibi tí orí òkè wà àti gíga rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí 300 àti mítà 45, ẹ padà sí ibi tí ẹ ti fi h pín.

Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti dàgẹ̀rẹ̀ nítòsí ilé-ìwé yín. Ẹ yan ojú kan, ẹ wọn ìdàgẹ̀rẹ̀ mítà 5 síwájú àti mítà 5 sẹ́yìn, kí ẹ kọ iye méjèèjì sílẹ̀. Ẹ tún wọ̀n ọ́n pẹ̀lú mítà 2. Bí iye méjèèjì bá túbọ̀ sún mọ́ra, ẹ sọ ìdàgẹ̀rẹ̀ ojú náà. Bí wọn kò bá sún mọ́ra rárá, ẹ ṣàyẹ̀wò rọ́bà fún afẹ́fẹ́, kí ẹ sì wo ilẹ̀ náà dáadáa bóyá ó ṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ kọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì, àti bí ẹ ṣe mọ̀.